Sólà fún fóònù 40 ní họ́sítẹ̀lì: ṣé ká fi páńẹ́lì kún un ni, àbí bátìrì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onísólà. Họ́sítẹ̀lì kan ní Agbowó, Ìbàdàn, la ń ṣe é fún, fóònù 40 lójúmọ́. Bátìrì fóònù 5000 mAh ń gba nǹkan bíi wáàtì-wákàtì 19. Tí a bá ka èyí tó ń ṣòfò mọ́ ọn, ó di 25, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 1000.

Oṣù kẹjọ ló ń kọ wá lóminú, torí ìkùukùu. A fi wákàtí oòrùn 3 péré ṣírò, a sì yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá fún ooru, eruku àti wáyà:

1000 ÷ (3 × 0.7) = 476

Ìyẹn ni páńẹ́lì 250 wáàtì méjì. Bátìrì lítíọ́mù 12.8 V, 100 Ah, tí a kò bá lò ó kọjá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, máa fún wa ní 1024, ọjọ́ kan péré. 500 ÷ 12.8 jẹ́ ámpì 39, nítorí náà kóńtúrólà MPPT 50 A la mú. 40 A ti há jù.

Àwọn kan ní ká ra bátìrì kejì nítorí ọjọ́ òjò. Lójú tèmi, bátìrì tí páńẹ́lì kò lè kún kò wúlò, páńẹ́lì kẹta ló sàn. Ṣùgbọ́n 750 wáàtì á di ámpì 59, ó ti ju kóńtúrólà lọ. Ṣé ká kúkú so bátìrì méjì pọ̀ sí 25.6 V, kí ámpì wálẹ̀ sí 30? Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ihò USB tó ń gba 12 sí 24 V, ṣé wọ́n lè fara da bátìrì yìí nígbà tó bá kún dé 29 V?