Wáyà iná tó dábùú páànù: báwo ni mo ṣe lè yọ ọ́ láìba ilà rẹ̀ jẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Mo ya ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ojú ìyá dára gan-an, àmọ́ ẹ̀yìn wọn ò ṣeé wò: wáyà iná, ike ìdalẹ̀nù, àti ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ.

Content-Aware Fill inú Fótóṣọ́ọ̀pù ni mò ń lò. Wáyà ojú ọ̀run lọ wẹ́rẹ́. Ti ike ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu, torí ara àdìrẹ ni Fótóṣọ́ọ̀pù ti ń bu àwọ̀ wá, ló bá lẹ aró mọ́ ògiri. Mo fi Sampling Brush nu àwọ̀ ewé tí Fótóṣọ́ọ̀pù fi ń sàmì ibi tó ti ń bu àwọ̀ kúrò lórí àdìrẹ, ó ku ògiri nìkan, ó sì gbà.

Páànù ló wá há mi lọ́wọ́. Wáyà kan gba ojú ọ̀run, ó dábùú etí òrùlé tó ti dípẹtà. Bí mo bá ti yọ ọ́, ilà páànù kì í bára mu mọ́, etí òrùlé á sì wú síta. Mo ti gbé Rotation Adaptation sí None, kò yí padà. Ṣé kí n pín wáyà náà sí méjì, kí n yọ ti ọ̀run lọ́tọ̀, ti páànù lọ́tọ̀, kí n wá fi Clone Stamp tún etí yẹn ṣe?

Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Òjìji rẹ̀ dé ẹsẹ̀ tábìlì ìyá. Ṣé kí n yan òun àti òjìji pọ̀ ni?