Ìwé 24 tí a rò pé ó ti sọnù

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará mi. Nígbà ìsinmi tó kọjá ni a ka iye ìwé tó wà ní láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. A ti ilẹ̀kùn, a dá yíyá ìwé dúró, a sì tẹ gbogbo ohun tó wà nínú kátálọ́ọ̀gù sórí bébà, bí nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé ṣe tẹ̀lé ara wọn lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹnì kan ń ka bébà sókè, ẹnì kejì ń fi ìka kan ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún. Èyí tí kò bá sí, a fi bírò pupa yí i ká.

Ẹ̀ka ìtàn ló kó ìdààmú bá mi. Ìwé 24 la yí ká, èmi sì ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi ní kí n má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kí a tún ìwé tò ná. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá wa dá ìwé padà sí àyè rẹ̀ ń ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn póìǹtì bí ẹni ń ka owó: wọ́n ní 925 ju 93 lọ, wọ́n wá gbé 966.925 sẹ́yìn 966.93. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la sì ń kà á: 9 pẹ̀lú 9 dọ́gba, 2 kéré sí 3, nítorí náà 966.925 ló ń ṣíwájú. Ìwé 11 la rí báyìí. A rí 4 tó já bọ́ sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀fù. Ní ti 2 mìíràn, lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn wọn ti ṣí kúrò, ẹnì kan sì fi bírò kọ 966.2 dípò 966.92. Ìwé yíyá ni 3, ọwọ́ àwọn olùkọ́ ló wà. 4 péré ni a kò rí rárá.

Ìyá Oníwèé, Ọ̀yọ́: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Akẹ̀sán, ìparí ọdún la máa ń kà á. Bí iye bá ti bá ti inú ìwé àkọsílẹ̀ mu, ó parí. Kí ló dé tí ẹ ń ṣe wàhálà tó báyìí?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ìyá mi, ẹ ṣeun. Ìwé kan náà ni ẹ̀dà 50 tẹ́ ẹ bá kó sílẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù kan wà tí bébà ní ìwé 30 ló yẹ kó wà níbẹ̀, 30 náà la bá. Síbẹ̀ ọ̀kan ti lọ, èyí tí ẹnì kan fi ta wá lọ́rẹ tí a kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló jókòó sí àyè rẹ̀.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Bébà ti pọ̀ jù. Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń bójú tó láíbìrì, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi sikáánà ka bákóòdù sínú fáìlì kan, kẹ́ ẹ gbé e sínú `Inventory`, yóò fi wéra fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá rí, ẹ pa á rẹ́, kátálọ́ọ̀gù á mọ́ tónítóní.

Àǹtí Láíbìrì, Ọ̀yọ́: Àbúrò mi, òótọ́ lo sọ nípa Koha, àmọ́ má pa ohunkóhun rẹ́. Mo ti ṣe é rí. Ọdún kejì ni ìwé náà jáde láti inú páálí àwọn tó ń bá wa di ìwé, a sì tún forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà yẹn nìkan ni kó o fi sí `Missing`, má fọwọ́ kan ìwé náà lápapọ̀, torí ẹ̀dà kejì lè wà nílẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ kí àwọn òǹkàwé rí i, ètò `hidelostitems` wà fún un nínú Koha.

Ohun mìíràn: bí ṣẹ́ẹ̀fù méjì lo bá kà, nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀fù méjì náà nìkan ni kó o ní kó fi wéra. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò pe gbogbo ìwé ilé tó kù ní àwátì. Mú `Skip items on loan` pẹ̀lú, kó má baà ka ìwé ọwọ́ olùkọ́ mọ́ ọn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Báwo ló ṣe yẹ kí n dúró pẹ́ tó kí n tó yọ àwọn 4 yìí kúrò pátápátá?

Àǹtí Láíbìrì, Ọ̀yọ́: Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń wá a: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àti nígbà kíkà ọdún tó ń bọ̀. Nínú rẹ́jísítà ńlá, fa ìlà pupa sórí rẹ̀, kọ ọjọ́ sí i, má sì ṣe fún ìwé tuntun ní nọ́ńbà yẹn láéláé.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Ọdún kan ti pọ̀ jù, Àǹtí. Àwọn òǹkàwé yóò máa wá ohun tí kò sí.

Àǹtí Láíbìrì, Ọ̀yọ́: A ti ní kí o fi pamọ́ fún wọn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Mo ti fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí `Missing` lánàá. Láàárọ̀ òní ni akẹ́kọ̀ọ́ kan wá béèrè ọ̀kan nínú wọn. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, mo sì tún padà lọ wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀fù.