Owó ìpín já òkè, OBV kò tẹ̀ lé e

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìpín ìdókòwò kan tí mò ń ṣọ́ kò kọjá náírà 20 fún oṣù mẹ́ta. Lánàá ó parí ọjà ní 20.80, àmọ́ ìpín 400,000 péré ni wọ́n tà; 900,000 ni wọ́n sábà máa ń tà lójúmọ́. OBV, ìyẹn àròpọ̀ tó ń fi iye ìpín tí wọ́n tà kún un lọ́jọ́ tí owó bá gòkè, tó sì ń yọ ọ́ lọ́jọ́ tí owó bá wálẹ̀, náà kò tíì dé ibi tó wà nígbà tí owó kọ́kọ́ kan 20.

Ohun tó dà mí láàmú nìyí: lóṣù tó kọjá, ẹnìkan ta ìpín mílíọ̀nù 5 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó sì fi kọ́bọ̀ 10 wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, ni OBV bá yọ gbogbo rẹ̀. Bí mo bá fo ọjọ́ yẹn, OBV ti kọjá. Ṣé ó tọ́ kí n fò ó, àbí kí n dúró títí iye ìpín tí wọ́n ń tà yóò fi pọ̀ nígbà tí owó bá wà lókè 20 kí n tó rà?