Ṣé kí n ka ọjọ́ ìrìnàjò mọ́ ìsinmi ìgbéyàwó mi?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ lẹ́tà ìsinmi tí mo fẹ́ fún ọ̀gá mi ní Ìlọrin wò. Ìdána yóò wáyé nílé ìyàwó ní Àkúrẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kejìlá 2026, a ó sì so yìgì ní Ìlọrin ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19.

Mo kọ ọ́ báyìí: “Mo ń tọrọ ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, láti Ọjọ́rú 16 sí Ọjọ́ Ẹtì 18, nínú èyí tí ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn jẹ́ ti àlọ àti àbọ̀, n ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́ Ajé 21.”

Mi ò ka òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn, torí a kì í ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ṣé ó yẹ kí n ṣì dárúkọ ọjọ́ yìgì, àbí yóò dà bíi pé ìsinmi méjì ni mo ń tọrọ?