Ráàfù wọ inú áfárẹ́ẹ̀jì: máàkì mélòó ni kí n yọ lọ́wọ́ ọmọ yìí?

Àǹtí Lábù:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òjò wọ kọ́bọ́ọ̀dù lábù wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé práktíkà tó wà níbẹ̀ rin gbingbin. Mo wá ní kí àwọn ọmọ SS2 kó ìwé wọn lọ sílé lọ sá a, kí wọ́n ya fọ́tò ojú ewé táítíréṣọ̀n sí mi lórí Wasáàpù. Mo ti máàkì èyí tó pọ̀ jù, ẹyọ kan ló dá mi dúró. Ásíìdì HCl 0.100 mol/dm³ ló wà nínú búrẹ́ẹ̀tì, 25.00 cm³ NaOH ni wọ́n ń fi pìpẹ́ẹ̀tì fà, mẹ́táìlì ọ́réǹjì ni wọ́n kán sí i. Ohun tí ọmọ náà kọ nìyí:

Ráàfù: parí 24.80, bẹ̀rẹ̀ 0, táítà 24.80
Èkíní: parí 24.30, bẹ̀rẹ̀ 0.00, táítà 24.30
Èkejì: parí 48.50, bẹ̀rẹ̀ 24.30, táítà 24.20
Ẹ̀kẹta: parí 24.?5, bẹ̀rẹ̀ 0.50, táítà 24.25

Ibi tí mo fi àmì ìbéèrè sí, iná fóònù tàn síbẹ̀ gbòò, n kò mọ̀ bóyá 1 ni àbí 7. Ó wá ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó ní 97.55, ó fi 4 pín in, ó kọ 24.39 cm³. Táítà tèmi fúnra mi lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 24.10. Nínú ètò máàkì mi, tébù gba 4, áfárẹ́ẹ̀jì gba 1, ìsúnmọ́ táítà tíṣà gba 3: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ìyàtọ̀ kò bá ju 0.20 lọ, méjì bí kò bá ju 0.30 lọ. Ibo ni kí n ti gé e?

Bọ̀dá Ìṣirò:
Mo fi kakuletọ tẹ̀ ẹ́, 97.55 pín sí 4 jẹ́ 24.3875. Ó sún un sí 24.39 bó ṣe yẹ. Ìṣirò ọmọ náà kò ní àléébù, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibi tó dúró sí ya fọ́tò kò ga jù? Ojú gbọ́dọ̀ bá ìlà búrẹ́ẹ̀tì dọ́gba, ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti tẹ̀ kòtò la sì ń kà. Bó bá ti òkè wò ó, nọ́ńbà á yàtọ̀.

Àǹtí Lábù:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà. Ojú ewé ìwé ló yà o, kì í ṣe búrẹ́ẹ̀tì 😀

Tíṣà Àgbà:
Bọ̀dá Ìṣirò, ìṣirò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ìṣirò lé lórí kò tọ̀nà. Ráàfù yìí, a kàn fi ń wá ibi tí àwọ̀ á ti yí ni. Ọmọ á ṣí ẹnu búrẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ásíìdì á máa dà, kó tó rí i pé àwọ̀ ti kúrò ní yẹ́lò, ó ti kọjá ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 24.80 fi ga ju àwọn yòókù lọ, ó fi 0.50 ju èkíní pàápàá. Àwọn táítà tí ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju 0.20 lọ la ń rò pọ̀. Àwọn mẹ́ta ìsàlẹ̀ bára mu: 24.30, 24.20, 24.25. Àpapọ̀ wọn 72.75, tí ẹ bá fi 3 pín in, 24.25 ni. Máàkì áfárẹ́ẹ̀jì lọ nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Tiwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá ti fi ráàfù kún un, gbogbo tébù ti di òdo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún wa nígbà tiwa.

Tíṣà Àgbà:
Rárá o, ọ̀gá mi. Tébù kò jẹ gbèsè ohun tí wọ́n fi í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo máa yọ níbẹ̀ ni «0» tó kọ lórí ráàfù láìsí pọ́ìntì. Ìlà búrẹ́ẹ̀tì jẹ́ 0.1, a sì lè fojú dá ìdajì rẹ̀, ìyẹn ni gbogbo kíkà fi gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà méjì lẹ́yìn pọ́ìntì, òdo náà. Máàkì kan péré.
Ibi tó ta kókó gan-an ni máàkì ìsúnmọ́. Bí ẹ bá fi 24.39 tó kọ wé 24.10 tiyín, ìyàtọ̀ jẹ́ 0.29, 2 ló gbà. Bí ẹ bá fi 24.25 tí táítà rẹ̀ fi hàn wé e, ìyàtọ̀ jẹ́ 0.15, ó gba 3. Mo fara mọ́ èkejì. Ìsúnmọ́ ń wọn ọwọ́ ọmọ lórí búrẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ọgbọ́n tó fi ṣe ìpín. Ẹ ti nà án lẹ́ẹ̀kan lórí áfárẹ́ẹ̀jì, kí ló dé tí ẹ óò tún fi ẹ̀ṣẹ̀ kan náà nà án? Àwọn tó ń máàkì ìdánwò Cambridge náà, wọ́n kọ́kọ́ ń tún ìyọkúrò ọmọ ṣe kí wọ́n tó fi wé ti alábòójútó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ohun tí ọmọ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èsì ni èsì rẹ̀. Tíṣà kò gbọ́dọ̀ bá a tún un ṣe.

Tíṣà Àgbà:
Bó bá ṣe tiyín lẹ fẹ́, kó ti wà nínú ètò máàkì kí ẹ tó gbé bírò pupa, kó sì kan gbogbo kíláàsì. Lórí ìṣirò NaOH, bó bá fi 24.39 tirẹ̀ ṣe é tó sì rí 0.0976 mol/dm³ dípò 0.0970, ẹ fún un ní gbogbo máàkì ibẹ̀.

Alákọ̀wé Lábù:
Ẹ má bínú, tèmi rèé. Ọmọ kan kọ 50.60 fún mi ní ìparí èkejì, búrẹ́ẹ̀tì 50 cm³ ni wọ́n sì lò! Ìlà kò sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn 50.00. Ó ti gbàgbé láti rọ ásíìdì kún un, ó wá jókòó sọ́dọ̀ọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi táítà ọ̀rẹ́ ro nọ́ńbà jọ.

Àǹtí Lábù:
Ẹ gbà mí o! 1 àbí 7 yẹn ńkọ́?

Alákọ̀wé Lábù:
Ẹ yọ 0.50 kúrò. 24.75 á fún yín ní 24.25 tó kọ. 24.15 á fún yín ní 23.65. 7 ni.

Tíṣà Àgbà:
Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́. Ìyọkúrò yẹn gan-an lẹ ń máàkì. Bí ẹ bá fi èsì rẹ̀ ka nọ́ńbà tí kò hàn, kò sí ọmọ tó máa ṣì í ṣe mọ́. Ẹ wo bó ṣe kọ 7 nínú 97.55, àti 1 nínú 0.100, kí ẹ sì ní kó tún fọ́tò yà níta, láìtan iná fóònù.

Àǹtí Lábù:
Mo padà dé. 7 rẹ̀ nínú 97.55 ní ìlà láàárín. Ó ti tún fọ́tò yà nínú oòrùn: 24.75 ni, ó hàn kedere, ìlà náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná fóònù kọ́ ló ń dán níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ọ̀dà funfun típẹ́ẹ̀sì ni ó fi pa nǹkan rẹ́ lábẹ́ 7 yẹn, òun ló tan iná padà sí mi lójú. Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa rí ìwé náà gan-an, kí n yí ojú ewé padà wo ẹ̀yìn rẹ̀.