Ọmọkùnrin oní-inṣọ́ránsì ní kí n má kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sínú fọ́ọ̀mù. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Gbági
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ìmọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ san owó.

Àǹkárá ni mò ń tà ní Gbági tuntun. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọkùnrin kan ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó múra dáadáa, Mọ́mì ló ń pè mí, ó tiẹ̀ bá mi ká aṣọ lọ́jọ́ tí ọmọ ọ̀dọ̀ mi ò wá. Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì kan ló wà lára káàdì rẹ̀. Ó ní kí n máa san ₦20,000 lóṣooṣù fún ọdún 10. Tí mo bá kú láàárín rẹ̀, wọ́n á san ₦2,400,000 fún àwọn ọmọ mi. Tí Ọlọ́run bá dá mi sí, èmi fúnra mi ni màá gba owó mi pẹ̀lú èrè, ó ní gbogbo rẹ̀ á tó ₦3,600,000. Ó ní mo lè gba owó mi nígbàkugbà tí mo bá fẹ́, bíi ti bánkì, àti pé ìjọba ló dúró fún un. Nígbà tí mo béèrè èrè tiẹ̀, ó ní búrókà ni òun, òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí. Lọ́jọ́ tó mú fọ́ọ̀mù wá, oníbàárà ń ná ọjà lọ́wọ́ mi, òun ló ń ka ìbéèrè tó sì ń fi bíírò tirẹ̀ kọ ìdáhùn. Nígbà tó dé ibi àìsàn, mo sọ fún un pé ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n á kàn fi owó kún un fún yín ni." Mo fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ṣé bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn? Àbí kí n kúkú máa bá àjọ mi lọ?

Bàbá Mọ́kọ́lá
Ẹ sá fún un o. Kọmíṣọ̀n ni gbogbo àwọn ejẹ́ńtì yẹn ń lé. Ẹ lọ bá búrókà gidi. Búrókà kì í gba kọmíṣọ̀n ní tiẹ̀, ti oníbàárà ló ń ṣe.

Oní-Kòrólà Ṣálẹ́ǹjì
Mọ́mì, ayédèrú ìwé pọ̀ nílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ta tádípátì ọkọ̀ mi fún mi ní ₦6,000, ó ní òun bá mi dín in kù ni. Láti oṣù kìíní 2023, ₦15,000 ni wọ́n ń ta á fún ọkọ̀ ara ẹni, n ò mọ̀. Ìgbà tí mo fi nọ́ńbà ọkọ̀ mi sí *565*11# lórí fóònù, kò jáde rárá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ rí i bóyá tiyín á jáde.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà
Oní-Kòrólà, ẹ kú ìfararọ. Ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n inṣọ́ránsì ọkọ̀ nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń yẹ̀ wò. Ti ẹ̀mí ni Ìyá Ìbejì ń sọ.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ta inṣọ́ránsì ẹ̀mí gẹ́gẹ́ bí ejẹ́ńtì. Ọ́fíìsì búrókà kan ní Dùgbẹ̀ ni mo wà báyìí. Ìyá Ìbejì, ẹni tó ń ta ìwé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sì wà lára káàdì rẹ̀, ejẹ́ńtì ni. Ilé-iṣẹ́ yẹn ló rán an sí yín. Búrókà ni ẹni tí ẹ̀yin rán níṣẹ́, tó lè lọ béèrè iye owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó padà wá bá yín. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó inṣọ́ránsì. Bàbá Mọ́kọ́lá, ẹ má bínú o, búrókà náà ń gba kọmíṣọ̀n. Inú owó tí oníbàárà san ni ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì ti ń yọ ọ́ fún un. Ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ló yàtọ̀, àpò tí owó wọn ti ń jáde ò yàtọ̀.

Nítorí náà, "mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó pé. Alájọ tó ń yí Gbági ká, owó ọjọ́ kan ló ń mú nínú oṣù, ẹ sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ejẹ́ńtì wà nínú ₦20,000 yín, ẹ ò kàn rí i ni. Irú ìwé báyìí, ọdún àkọ́kọ́ ni kọmíṣọ̀n rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, á wá já wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn náà. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi 30% ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ó san ₦240,000 lọ́dún àkọ́kọ́, ₦72,000 nínú rẹ̀ á jẹ́ tiẹ̀. Tó bá di 5% lẹ́yìn ìyẹn, ₦12,000 ni á máa rí lọ́dún.

Ibẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ kọ́" ti wá. Tó bá kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, wọ́n lè fi owó kún un, ẹ̀yin náà sì lè yí ọkàn padà. Mi ò pè é lólè. Mo mọ bí ìparí oṣù ṣe máa ń gbóná fún ejẹ́ńtì tí kò tíì kó iye tí ọ̀gá ní kó kó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ru ẹrù náà.

Ẹ mú fọ́ọ̀mù yẹn, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ kan lára rẹ̀. Òfin inṣọ́ránsì ti 2003 ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbi tójú á ti tètè rí i, pé ejẹ́ńtì tó bá bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, aṣojú ẹni tó fẹ́ gba inṣọ́ránsì ló jẹ́ nídìí kíkọ náà. Òfin tuntun ti dé ní 2025, ṣùgbọ́n ohun tó wà lára fọ́ọ̀mù tí ẹ fọwọ́ sí ni kí ẹ kà. Ṣé ó yé yín? Ilé-iṣẹ́ ló ń ṣojú fún nígbà tó ń polówó ọjà. Bó ṣe mú bíírò báyìí, ó di aṣojú yín. Ohun tó kọ, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Pé ẹ fẹnu sọ òótọ́ fún un lè má gbà yín sílẹ̀.

Ìyàwó Ológbè, Àpáta
Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe ọkọ mi. Ejẹ́ńtì ní kó má kọ ọ́. Oṣù 14 ló fi san owó kó tó jáde láyé. Nígbà tí mo kó ìwé lọ, wọ́n ní kí n gba ìwé wá láti ilé ìwòsàn tó ti gbàtọ́jú. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n fi wé fọ́ọ̀mù, wọ́n ní àwọn ò ní san. Ejẹ́ńtì ti kúrò níbi iṣẹ́ náà, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Mo ti fi ẹjọ́ sùn ní NAICOM, mo ṣì ń retí èsì. Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ má san owó yẹn lórí fọ́ọ̀mù tó wà nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Gbági
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Mo ti dé ilé, ọmọ mi ti bá mi ka ìwé tó fún mi. Ọ̀rọ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, lókè ibi tí mo fọwọ́ sí. A tún rí tábìlì kan lẹ́yìn, tó sọ iye tí wọ́n á dá padà tí mo bá fẹ́ dúró lójú ọ̀nà. Ọdún kìíní, òdo ni. Ọdún kejì, ₦168,000, nígbà tí mo ti san ₦480,000. Ọdún kẹta, ₦396,000 nínú ₦720,000. ₦3,600,000 tó sọ wà ní ìlà ọ̀tọ̀, wọ́n sì kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àbá ni, kò dájú. ₦2,400,000 nìkan ni wọ́n kọ pé ó dájú.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà
Tábìlì yẹn ni ìdáhùn sí "nígbàkugbà". Bánkì á fún yín ní owó yín lọ́la. Ní tibí, owó ọdún àkọ́kọ́ ti bá kọmíṣọ̀n, ìnáwó ilé-iṣẹ́ àti owó ààbò ẹ̀mí yín lọ, ìyẹn ló fi jẹ́ òdo. Kì í ṣe jìbìtì, bí irú ìwé náà ṣe rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ṣí ojú ewé yẹn hàn yín. Ẹni tí ọjà rẹ̀ lè nílò owó láàárín ọdún méjì, kó rò ó dáadáa.

Ti ìjọba ńkọ́? NAICOM ń fún ilé-iṣẹ́ ní àṣẹ, ó sì ń mójú tó wọn. NDIC ni ń dúró fún owó inú bánkì, títí dé ₦5,000,000 fún ẹnì kan ní báńkì ńlá kọ̀ọ̀kan, kò sì kan inṣọ́ránsì. Ó da méjèèjì pọ̀ fún yín ni.

Ẹ ò tíì san owó, nítorí náà inṣọ́ránsì ò tíì bẹ̀rẹ̀, àtúnṣe ṣì rọrùn. Ẹ gba fọ́ọ̀mù tuntun, kí ọmọ yín máa kà á, kí ẹ̀yin máa sọ, kó máa kọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ oògùn àti ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé. Ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí naicom.gov.ng, àkáǹtì ilé-iṣẹ́ nìkan ni kí ẹ sì san owó sí. Wọ́n lè gbà yín bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi owó kún un, wọ́n sì lè kọ̀.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Mo gba àtúnṣe lórí kọmíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n búrókà wo ló máa dá ẹni tó ń san ₦20,000 lóṣù lóhùn? Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ń wá.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà
Bàbá, òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn kan máa dá a lóhùn, àwọn kan ò ní ráyè. Tí àwọn ìyá ọjà bí mẹ́wàá bá jọ wá, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi dá Ìyá Ìbejì lójú fún ọjọ́ Ẹtì.

Ìyá Ìbejì Gbági
Mo pè é lálẹ́ yìí. Mo ní kó mú fọ́ọ̀mù mìíràn wá, pé màá kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní lè wọlé lóṣù yìí mọ́. Mo ní kò burú, kó jẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Mo béèrè bóyá búrókà ni lóòótọ́, ó ní ejẹ́ńtì ni. Ó ṣèlérí pé òun á wá lọ́jọ́ Ajé. N ò dá àjọ mi dúró.

Ìyàwó Ológbè, Àpáta
Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́. Tí wọ́n bá wá fi owó kún un ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Gbági
Tó bá kọjá ₦25,000, apá mi ò ní ká a. Màá jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n bá sọ.