Páálí tòmátì tó dín: ibi tọ́rọ̀ já sí rèé o

"Páálí tòmátì alágolo 50 ni mo sanwó ẹ̀ ní Kútọnu, 46 ló dé Kétu, àwọn kan sì ti bàjẹ́. Báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà sí ìyá tó tà á fún mi?"

Ìbéèrè tí mo bi yín níbí nìyẹn, ẹ ṣé gan-an fún ìdáhùn yín. Ìmọ̀ràn ìyá elépo tó dá mi lóhùn ni mo tẹ̀lé, wọ́n ní kí n má pa èyí tí ò dé pọ̀ mọ́ èyí tó bàjẹ́, ẹjọ́ wọn ò jọra. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Alájà, ẹ kú ọjà o. Páálí 4 ò dé, mo kọ ọ́ sórí ìwé ẹrù, dírẹ́bà yín sì fọwọ́ sí i kó tó lọ. Nínú 46 tó dé, agolo inú páálí 2 ti wú, ti ẹyọ 1 tẹ̀ wọnú, ó ń jò létí. Fótò wọn rèé àti nọ́ńbà ara agolo. Mi ò tíì kó wọn dànù, ẹ lè rán èèyàn wá wò ó. Ẹ fi 4 ránṣẹ́, kẹ́ ẹ yọ owó 3 nínú ọjà tó ń bọ̀."

Àwọn 4 ti dé. Alájà gbà fún èyí tó wú, torí nọ́ńbà kan náà ni oníbàárà míì ti pariwo lé lórí, àmọ́ eléyìí tó tẹ̀, wọ́n ní dírẹ́bà ni kí n bi, dírẹ́bà ní bó ṣe wà nìyẹn nígbà tóun gbé e. A ṣì ń fà á.

Bọ̀dá tó ní kí n dá gbogbo ẹ̀ padà, òótọ́ ni, agolo tó bá wú kì í ṣe títà, ṣùgbọ́n 43 tó dáa ńkọ́, ta ló fẹ́ san owó ọkọ̀? Ẹni tí kòkòrò wọ ìrẹsì ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ ṣí ìbéèrè tiyín lọ́tọ̀, mo ti tilẹ̀kùn eléyìí.